Báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn àgbà ní Ẹ́kísódù 21 láìbo nǹkan mọ́lẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíláàsì àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ìjọ wa ní Àgbádárìgì, níbi tí ọmọ ẹni tó ta ẹrú àti ọmọ ẹni tí wọ́n rà ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà (kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta). Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ó kan Ẹ́kísódù 21:20-21: bí ẹrú bá kú mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ níbi tó ti ń lù ú, ìyà wà. Bó bá lo ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sí ìyà, torí owó ọ̀gá rẹ̀ ni.

Wọ́n máa ń ní ká sọ pé ìwọ̀fà ni àwọn ẹrú yìí. Ìyẹn bá ẹsẹ 2 orí náà mu, torí ẹrú tó jẹ́ Hébérù ń gba òmìnira lọ́dún keje. Ṣùgbọ́n Léfítíkù 25:44-46 ní kí wọ́n ra àjèjì, kí ọmọ wọn sì jogún rẹ̀. Ìwọ̀fà tó san gbèsè tán ti bọ́. Àjèjì yìí kò jẹ gbèsè tó lè san.

Mo ti ro ẹsẹ 16, tó dájọ́ ikú fún ajínigbé, àti 26-27, tó dá ẹrú tí wọ́n fọ́ lójú sílẹ̀. Wọ́n wúlò, àmọ́ bí mo bá sáré kà wọ́n, á dà bíi pé mò ń gbèjà.

Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tinú wọn lórí ẹsẹ tó le náà, kí n tó mú àwọn yòókù wá, àbí kí n kà wọ́n pọ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú.