Ta ló fi "èrè" sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé "àpapọ̀ èrè ọdún" ni òfin fi ń mọ ilé-iṣẹ́ kékeré. Àdánù ni tèmi ní 2023. Ṣé mo bọ́ lọ́wọ́ owó-orí nìyẹn?

Akọ̀wé Owó: "Èrè" yẹn ló máa kó yín sí gbèsè, Mà. Iye tí ẹ tà, kí ẹ tó yọ ìnáwó kankan, ni òfin ìgbà yẹn ń wò, kí ti 2026 tó dé. Bí kò bá tó mílíọ̀nù 25 náírà, ẹ bọ́. Ẹni tó ta mílíọ̀nù 40 tó sì ná 41 pàdánù lóòótọ́, síbẹ̀ yóò san ìdá kan nínú igba ohun tó tà, èyí tí wọ́n ń pè ní "owó-orí tó kéré jù". 200,000 náírà nìyẹn. "Owó ọjà" ni kí ẹ máa pè é.

Ọmọ Oníkòkó: "Owó àwọlé" ló dára jù. Bàbá mi àgbà kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Akọ̀wé Owó: Bàbá yín ò yáwó ní báńkì. Oníbàárà mi kan pàdánù lọ́dún kan náà, mílíọ̀nù 30 sì wọ àkáǹtì rẹ̀. 8 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yáwó, ọjà tó tà ò ju 22 lọ. Bó bá fi "àwọlé" yín ṣírò, ì bá san 150,000 tí kò jẹ. Ìwé ìṣirò nìkan ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, torí bó bá pẹ́, ìtanràn 25,000 ni nígbà yẹn fún oṣù àkọ́kọ́, 5,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e.

Olùkọ́ Àgbà: Ọjà wo ni agbẹjọ́rò ń tà? Èyí tó tún ń bí mi nínú ni "owó-orí tó kéré jù". Ẹni tó bá ní nǹkan kéré jù, ó ń ráhùn ni! Níbo ni "lọ" wọlẹ̀ sí? Ẹ pè é ní "owó-orí àìgbọdọ̀-má-san". Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni ní gírámà.

Ìyá Ìbejì: Mílíọ̀nù 31 la tà. 2018 la forúkọ sílẹ̀, àmọ́ 2021 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò.

Akọ̀wé Owó: Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ? Nínú òfin ìgbà yẹn, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ òwò kò sí lábẹ́ ìdá kan nínú igba náà, ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀ la sì fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ẹ wá rìsíìtì tí ẹ kọ́kọ́ já fún oníbàárà ní 2021, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Èrè nìkan ni ì bá mú yín san nǹkan kan lọ́dún yẹn.

Ọmọ Oníkòkó: Ẹ ò wá rí i pé "èrè" náà wúlò?

Ìyá Ìbejì: Olùkọ́, "àìgbọdọ̀-má-san" yín nìyẹn, èmi rèé tí n kò ní san án.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ fi àmì sórí "rìsíìtì" yẹn dáadáa ná. Ta ló ní ohùn òkè ló wà láàárín?