Kí ló dé tí ìdáhùn kan sọnù nígbà tí mo fi x − 3 pín ìhà méjèèjì?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìṣirò yìí:

(x − 3)(x + 1) = 5(x − 3)

Mo fi x − 3 pín ìhà méjèèjì, ó ku x + 1 = 5, mo sì rí x = 4. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 3 sí ipò x, òdo ni ìhà méjèèjì dà, ó sì tọ̀nà.

Ohun tó yé mi ni pé a kì í fi òdo pín nǹkan, bẹ́ẹ̀ x − 3 lè jẹ́ òdo. Mo wá yà á sọ́nà méjì. Bí x bá jẹ́ 3, mo dán an wò láìpín, ó tọ̀nà. Bí kò bá jẹ́ 3, mo pín, 4 ló jáde. Ìdáhùn di 3 àti 4.

Èyí tó ń dà mí láàmú gan-an ni:

(x² − 9)/(x − 3) = 6

Mo fagi lé x − 3 lókè àti nísàlẹ̀, mo rí x = 3. Ṣùgbọ́n 3 yìí gan-an ló ń sọ ìsàlẹ̀ di òdo! Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò ní ìdáhùn rárá? Bó bá sì jẹ́ x² − 4 ni mo fẹ́ fi pín ńkọ́, ṣé ọ̀nà mẹ́ta ni màá yà á sí?