Owó orí tí wọ́n dá padà: kí ni ojú yín rí?

Ìyá Àṣàkẹ́: Lọ́jọ́ ìdána mi, bàbá mi gba àpòòwé owó orí, ó sì dá a padà fún àwọn àna lójú gbogbo ènìyàn, ó ní òun kò ta ọmọ. Ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ wa dé kóòtù ìbílẹ̀, ọkọ mi ní kí n san owó orí òun padà. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Kí ni iṣẹ́ tí owó yìí ń ṣe gan-an?

Bàbá Ọ̀tà: Ẹ̀rí ni, kì í ṣe owó tí a fi ra ọmọ. Nígbà tí ilé àbúrò mi fẹ́ dàrú, àwọn tí wọ́n pín nínú iṣu àti obì ìdána ni wọ́n pe tọkọtaya náà jókòó láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Owó orí ni ó so ìdílé méjèèjì pọ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ má bínú sà, ọrùn obìnrin nìkan ni okùn yẹn wà. Ẹ̀gbọ́n mi pọn ọmọ wá sílé lóru, ojú rẹ̀ òsì wú débi pé kò lè là á. Bàbá wa ti fi owó orí rẹ̀ ra páànù. Àwọn àgbà jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí owó tí wọn yóò dá padà, wọ́n ní kí ó padà sílé ọkọ.

Agbẹjọ́rò Àgbà: Irú ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ yìí ni Mifumi, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, gbé lọ sí kóòtù ní Ùgáńdà. Wọ́n fẹ́ kí a fòfin de owó orí pátápátá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà fún wọn lórí èyí, ṣùgbọ́n ó ní bíbéèrè owó náà padà nígbà tí ìgbéyàwó bá tú lòdì sí òfin ilẹ̀ wọn, nítorí pé ó ń tẹ iyì obìnrin mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: A jẹ́ pé ó ti dópin nílé wa náà nìyẹn.

Agbẹjọ́rò Àgbà: Rárá o. Ìdájọ́ Ùgáńdà kò de Nàìjíríà. Òfin ti ọdún 1956 ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà pàápàá, iye owó orí ni ó fi mọ sí £30, kò fagi lé e.

Tùnjí: Ní tèmi, iṣu 42 ni wọ́n kọ sínú ìwé fún mi. Ṣé wọ́n lè dín in kù?

Bàbá Ọ̀tà: Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ páànù yẹn dùn mí. Mo gbà pé kí a má ṣe béèrè owó náà padà mọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a pa á rẹ́.

Àdùkẹ́: Bí ẹ̀rí lásán bá ni, kí ló dé tí obìnrin kì í san án fún ìdílé ọkọ? Ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn, sà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyá Àṣàkẹ́, owó tí bàbá yín ti dá padà, kí ni ọkọ yín ń béèrè?

Ìyá Àṣàkẹ́: Ó ní owó náà kò dé ọwọ́ òun. Alága ìjókòó ọjọ́ náà wá jẹ́rìí pé ìyá rẹ̀ ni ó gba àpòòwé náà, tí ó sì fi í sínú báàgì. Adájọ́ yíjú sí ìyá ọkọ mi, ó bi í léèrè. Kò fèsì.