Ẹni tí wọ́n yọ kúrò nínú fọ́tò: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Òkè-Kúrá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ta ló ti yọ ènìyàn kúrò nínú fọ́tò àtijọ́ rí, tàbí tí wọ́n yọ òun fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ bàbá kékeré wa ló ń dùn mí lọ́kàn tí mo fi ń béèrè.

Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan jọ lọ sí ilé kéwú kan náà, wọ́n sì jọ ṣe wòlímà lọ́jọ́ kan náà. Ìyá ọ̀rẹ́ yìí ti kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ìyá àgbà wa ló dáṣọ fún un, àwọn ni wọ́n sì wé láwàní fún ọmọ méjèèjì. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà, ìyá wà láàárín, ọmọ méjèèjì di wàláà mú, ọwọ́ ọ̀tún ìyá wà ní èjìká ọ̀rẹ́ yẹn, lááli dúdú mú un látorí ìka dé ọrùn ọwọ́. Ìyá àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Fọ́tò yẹn nìkan la ní tí ojú wọn hàn kedere.

Ìjà ilẹ̀ ló dé. Wọ́n jọ ra ilẹ̀ ní Ẹyẹnkọ́rin, ọ̀rẹ́ ta gbogbo rẹ̀ nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá, kò sọ fún bàbá kékeré. Inú bí wọn. Wọ́n fi fóònù ya fọ́tò náà, wọ́n fi ìka pa ọ̀rẹ́ rẹ́, fóònù dí àyè rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ jáde ní ńlá, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí a ń múra àdúà ìyá àgbà ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbójú sókè wo ògiri, wọ́n ní, "Ọwọ́ Ìyá dà?" Ibẹ̀ la tó wò ó dáadáa. Apá ìyá dé ìgbọ̀nwọ́, ó wá di nǹkan kan bí aṣọ tó ká jọ. Kò sí ọwọ́, kò sí lááli. Bàbá kékeré ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé rí padà?

Mọ́jọ̀:
Yéè. Wọ́n yọ ọ̀rẹ́, wọ́n yọ ọwọ́ ìyá tó bí wọn mọ́ ọn.

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Ẹ má bínú, ó yà mí lẹ́nu. Fọ́tò wà lára ògiri, àlejò ń wọlé ń jáde, kò sẹ́ni tó rí i pé ìyá ò lọ́wọ́?

Ọmọ Òkè-Kúrá:
Ojú ni gbogbo wa ń wò, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá wọlé, ojú ìyá àgbà lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ ó ní "Ọlọ́run kẹ́ wọn", ẹ ó jókòó.

Ìyá Wàrà:
Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Tiwa, sísọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ ara wọn, kò sì sí fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi ò gé. Ti ìgbéyàwó, ó gé e. Ti ọdún Iléyá, ó gé e. Èmi gan-an ni mo bá a di àwọn fọ́tò mú kó lè gé e gún. Ọmọ tí wọ́n bí ti dàgbà báyìí, ó ń sin ilẹ̀ bàbá, ó wá ní kí a fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ òun ránṣẹ́. A yọ ọ́ jáde: ọmọ ń sùn nínú ṣọ́ọ̀lù funfun, ìka mẹ́rin ọkùnrin sì jáde lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù náà, nítorí sísọ́ọ̀sì ò lè gba ibẹ̀ kọjá kó má kan ọmọ. Ọmọ pè, ó ní, "Ìyá mi, ìka ta nìyí?" Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù fún mi.

Mọ́jọ̀:
Kí lẹ wá sọ fún un?

Ìyá Wàrà:
Mo ní ìka bàbá rẹ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọmọ Táńkẹ̀:
Ọmọ Òkè-Kúrá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò inú férémù yẹn lọ bá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fọ́tò. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kàn máa ṣí i ni.

Ayàwòrán Ọ̀fà:
Rárá o, ọmọ mi. Kò sí ohunkóhun lábẹ́. Tí o bá fi ìka pa ènìyàn rẹ́, fóònù ò ṣí aṣọ lójú ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà, torí kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó máa wo ohun tó yí i ká ni, á wá fi ìyẹn hun ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ẹnìkan ni. Ohunkóhun tó bá fara kan ẹni tí ẹ fẹ́ yọ, ó lè kó o lọ. Ẹ wo férémù yẹn dáadáa: ẹ máa rí i pé iṣẹ́ ọnà kan náà lára aṣọ tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pé ìlà ilẹ̀ já lójijì, tàbí kí òjìji ẹni tí wọ́n yọ ṣì nà sílẹ̀. Ibẹ̀ la fi ń mọ̀.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà lè ya ọwọ́ síbẹ̀, ó sì lè dùn wò. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa jẹ́. Lááli yẹn ò ní jẹ́ lááli tí wọ́n lé fún ìyá lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ béèrè: kí ni wọ́n fi ṣe é lórí fóònù? Tó bá jẹ́ Google Photos, tí wọ́n sì tẹ "Save copy", èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà ṣì wà lọ́tọ̀. Kódà tí wọ́n bá wá pa ìyẹn rẹ́, tó bá ti gun orí àkáǹtì wọn, ọjọ́ 60 ló máa fi wà nínú "Trash" kó tó lọ pátápátá.

Ọmọ Òkè-Kúrá:
Wọ́n pa á rẹ́, bàbá. Wọn ò fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ọjọ́ 60 ti kọjá tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti jí fóònù yẹn ní ọjà Ìpàtà.

Bàbá Ìgbájà:
Ẹ káalẹ́ o. Wọ́n yọ èmi náà. Àwọn ẹgbẹ́ wa tí a jọ jáde ilé ìwé ló yọ mí kúrò lórí WhatsApp, wọ́n ní mo ń fi ọ̀rọ̀ òṣèlú ránṣẹ́ jù. Mo sì ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ta ni mo máa bá sọ ọ́?

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Bàbá, fọ́tò là ń sọ.

Bàbá Ìgbájà:
Fọ́tò mi náà wà níbẹ̀.

Ayàwòrán Ọ̀fà:
Nẹ́gẹ́tíìfù ńkọ́? Láyé ìgbà yẹn, tí a bá fọ fọ́tò tán, ọ̀pọ̀ wa máa ń kó fíìmù tí a gé wẹ́wẹ́ sínú àpò ìwé, a ó fi fún oníbàárà pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Ẹ tú àpótí ìyá àgbà. Tí ẹ bá rí fíìmù dúdú rúsúrúsú kan, ẹ má fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án, etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú.

Ìyá Wàrà:
Fíìmù ilé tiwa, oòrùn la fi wò. Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lọ́dún 2006, gbogbo ọmọ àdúgbò ló wá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó padà wálé.

Ọmọ Táńkẹ̀:
Ha, èmi náà fi wò ó! Ọmọ kékeré ni mí.

Ayàwòrán Ọ̀fà:
Ọlọ́run ló ṣọ́ ojú yín. Fíìmù aláwọ̀ ò lè gba ojú lọ́wọ́ oòrùn. Ó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù lójú yín, ṣùgbọ́n ohun tó ń jó ẹyinjú ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ọmọ Òkè-Kúrá:
A tú àpótí lánàá. Aṣọ òfì, tẹ̀sùbáà, rìsíìtì owó ilé ìwé. Kò sí fíìmù.

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ènìyàn méjì ló ṣe wòlímà. Ṣé fọ́tò kan péré ni wọ́n fọ̀?

Ayàwòrán Ọ̀fà:
Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Wọn kì í sábà fọ ẹyọ kan fún ènìyàn méjì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ìyá ẹlòmíràn dáṣọ fún tó sì gbé ọwọ́ lé léjìká? Ó máa gba tirẹ̀.

Mọ́jọ̀:
Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ lọwọ́ ìyá wà.

Ọmọ Òkè-Kúrá:
Àjàṣẹ́-Ìpo ló ń gbé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá kékeré.

Ọmọ Táńkẹ̀:
Ẹ jẹ́ kó yà á, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìjà wọn lè dúró síbi tó wà.

Ìyá Wàrà:
Ẹ gbọ́ ọmọdé. Wọ́n sun ojú ọkùnrin nínú iná, ẹ wá ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́?

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Òun náà ló ta ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ìyá Wàrà:
Ọmọ ń ṣàìsàn! Tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Màá sọ fún ẹni tí a jọ ni ín kí n tó tà á. Àìsàn ọmọ ò dí ẹnu. Ìpín tirẹ̀ ni ì bá tà.

Mọ́jọ̀:
Ìpín ẹyọ kan lè má tó owó ilé ìwòsàn.

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ìjàkadì lorò yín lóòótọ́. Mo ní kó sọ̀rọ̀ ni, mi ò ní kó jẹ́ kí ọmọ kú.

Ọmọ Òkè-Kúrá:
Ẹ má jà nítorí mi. Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ yìí. Wọn ò bínú. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ṣì ní in?" Mo wá nọ́ńbà ìyàwó ọ̀rẹ́ náà, mo pè. Obìnrin náà ní fọ́tò wà nínú férémù, ṣùgbọ́n ó ti ń pọ́n, apá kan sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ní ọkọ òun kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí Abẹ́ẹ̀bí, ìyẹn orúkọ tí ọ̀rẹ́ yẹn ń pe bàbá kékeré, wá wò ó fúnra rẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni màá wa ọkọ̀.

Ayàwòrán Ọ̀fà:
Pípọ́n ò le. Fọ́tò aláwọ̀ ìgbà yẹn, aró inú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá, ó wá ku pupa. Kọ̀ǹpútà lè tún ìyẹn ṣe dáadáa, torí àwòrán ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má fà á, awọ fọ́tò máa bó sára gíláàsì. Ẹ gbé e pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ síbi fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ pa iná fóònù, kí ẹni tó ń yà á wọ aṣọ dúdú kí ara rẹ̀ má hàn nínú gíláàsì. Ẹ yà á lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ fi ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kí WhatsApp má bàa fún un kéré.

Ìyá Wàrà:
Ẹ mú wàrà lọ fún wọn. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Onílàákàyè Ọ̀rọ̀:
Kí wọ́n ṣì bi í léèrè owó ilẹ̀ o, tí wọ́n bá jẹun tán.

Bàbá Ìgbájà:
Ta ló mọ alága ẹgbẹ́ wa nínú yín?