Ajọ́sítà ti wo òrùlé mi láti oṣù Kejìlá, kò tíì fọhùn

Ìyá Ìbejì, Cardiff: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjì Darragh tó jà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2024 ṣí táílì mọ́kànlá lórí òrùlé wa, ó sì wó díẹ̀ nínú àwọn ti ṣóńṣó òrùlé. Ọjọ́ 19 ni lọ́ọ̀sì ajọ́sítà, ẹni tó ń díwọ̀n ìbàjẹ́ fún owó ìdójútòfò, wá. Ó gun àkàbà, ó ya fọ́tò, ó ní n óò gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òní ni ọjọ́ 6 oṣù Kejì. Tapólín ló bo òrùlé wa, omi sì ti ń kán sí yàrá àwọn ọmọ. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Báwo ni mo ṣe lè rán an létí láìjà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston: Mọ̀mí, ẹ lé e lọ, kí ẹ gba ẹlòmíì. Nígbà tí yìnyín ba òrùlé tèmi jẹ́, ẹni tí mo gbà gba ìdá mẹ́wàá owó náà, ṣùgbọ́n ó jà fún mi dáadáa.

Bọ̀dá Gbénga, Leeds: Àbúrò, ẹni tìrẹ ni ìwọ gbà. Tiwọn kọ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló rán ajọ́sítà yìí, àwọn ló ń san owó fún un. Ìyá Ìbejì ò lè lé e.

Ìyá Ìbejì, mo ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kíléèmù fún ọdún méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́. Ẹ kọ ímeèlì, nítorí ìpè kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ ni ibi tí ìwé yín há sí. Bóyá kò tíì kọ ìròyìn rẹ̀. Bóyá ó ti fi ránṣẹ́, tó sì ń dúró de àṣẹ. Bóyá nǹkan kan ló ń retí lọ́wọ́ yín, tí kò sì béèrè. Nítorí náà, ibi tó há sí nìkan ni kí ẹ bi í léèrè. Ẹ fi nọ́ńbà kíléèmù àti àdírẹ́sì ilé sórí àkọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bẹ ilé wa wò ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá. Ṣé ẹ ti fi ìròyìn yín ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́? Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, lọ́jọ́ wo? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí ẹ ń dúró dè? Omi ti ń wọ yàrá kan láti ìgbà náà, fọ́tò rẹ̀ wà níbí pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ 13 tó pé."

Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra rẹ̀. Fọ́tò omi yẹn ṣe pàtàkì gan-an: omi náà ò sí níbẹ̀ nígbà tí ajọ́sítà wá, bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó burú sí i. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tapólín àti àwọn táílì tó fọ́.

Àlhájà, Peckham: Kí ni gbogbo ọ̀wọ̀ yìí fún? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá! Ẹ lọ bá Ọ́ńbọ́sìmáànù, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, lọ́la.

Bọ̀dá Gbénga: Àlhájà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fi ìráhùn tó ilé-iṣẹ́ létí la ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ ìjì. Ìyá Ìbejì ò tíì ráhùn, ó kàn ń pè ni. Bí ọjọ́ 13 bá kọjá láìsí èsì, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé "ìráhùn ni èyí". Bí ilé-iṣẹ́ ò bá fún wọn ní èsì ìkẹyìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tàbí tí èsì náà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, Ọ́ńbọ́sìmáànù yóò gbà wọ́n.

Ìyá Ìbejì *(ọjọ́ 11)*: Ó ti dáhùn! Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ló ti fi ìròyìn ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ń dúró de iye owó kejì láti ọwọ́ kọ́lékọ́lé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ti rí kọ́lékọ́lé kejì, yóò kọ ọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ajọ́sítà tún ní sìmẹ́ńtì ṣóńṣó òrùlé ti gbó kí ìjì tó dé, torí náà wọn lè má san ti ibẹ̀.

Bọ̀dá Gbénga: Ẹ ní kí ó fi fọ́tò tó fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ṣé ẹ ní fọ́tò òrùlé náà ṣáájú ìjì, bóyá nígbà tí ẹ ra ilé?

Ìyá Ìbejì: Ìwé àyẹ̀wò ilé wà, ti 2021. N óò wá a. Kọ́lékọ́lé yìí ní òun lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbà?

Bọ̀dá Gbénga: Kí àṣẹ tó dé lórí ìwé? Rárá o. Ẹ̀rí lẹ fẹ́ tú dànù yẹn.

Àlhájà: Ọmọ ló ń sùn lábẹ́ omi, Gbénga. Òjò ò mọ àṣẹ.

Bọ̀dá Gbénga: Kí wọ́n di ojú ibi tó ń jò nìkan, Àlhájà, kí wọ́n sì ya fọ́tò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.