Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mọ́mì mi mọ A B D lórí, àmọ́ wọn ò lè ka "ata"

Ọmọ Aláta: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mọ́mì mi ti pé ọdún 56, ata ni wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, pírámárì tuu ni wọ́n ti dúró nígbà tí bàbá wọn kú. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Wọ́n fẹ́ lè máa ka ìwé gbèsè wọn fúnra wọn, torí àwọn tó ń bá wọn kọ ọ́ máa ń kọ nǹkan tí wọn ò sọ. Inú wọn dùn gan-an lákọ̀ọ́kọ́, ní báyìí ńṣe ni wọ́n ń wá àwáwí, lónìí orí ń fọ́ wọn, lọ́la ọjà pọ̀. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n mọ A B D dé ìparí bí orin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ "ata" síwájú wọn, wọ́n á ní "a, tí, a" wọ́n á wá máa wò mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tíṣà ní kí wọ́n dìde kà, ohùn wọn ò jáde, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn wọn ò tíì padà lọ. Wọ́n mọ fọ́ìsì nóòtì lò dáadáa lórí Wásáàpù, mo wá ń rò ó pé kí n fi àwòrán àti ohùn bẹ̀rẹ̀ fún wọn nílé. Ibo ni kí n ti mú un?

Àǹtí Káńdà: Ẹ lọ ra páálí aláwòrán tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé, A ajá, B bàtà, D dòdò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wọn. Ọmọ mi ò lò ju oṣù kan lọ tó fi mọ gbogbo ẹ̀. Àwòrán dára jù, ojú kì í gbàgbé.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta: Àǹtí, òótọ́ ni ẹ sọ nípa àwòrán, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti ajá àti bàtà sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Mo ti kọ́ àwọn àgbà fún ọdún mọ́kànlá, ìyá tó ti tọ́ ọmọ dàgbà ò fẹ́ kí àlejò wọlé bá páálí ọmọdé lára ògiri òun, ojú á tì í. Ohun kejì ni pé A B D gan-an ló dá màmá yìí dúró. Orúkọ lẹ́tà ni wọ́n kọ́ wọn, wọn ò kọ́ wọn ní ìró ẹ̀. "A, tí, a" ò lè di "ata" láé bó ti wù kéèyàn yára pè é tó. Ẹ gbé "tí" yẹn kúrò, ẹ fún wọn ní "ta" lódindi.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Ẹ ya fótò àtẹ wọn lọ́jà, àtẹ tiwọn gan-an, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ẹ gbé e síwájú wọn, ẹ ní "mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" Bí wọ́n bá ṣe dáhùn ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Ká ní wọ́n sọ pé "Mo ń ta ata rodo." Ẹ fi máákà dúdú kọ ọ́ sórí páálí gbọọrọ, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ gbólóhùn yẹn sínú fọ́ìsì nóòtì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ohùn tiwọn ni kí wọ́n máa gbọ́, torí ohùn tíṣà ń rán wọn létí kíláàsì. Kí wọ́n máa gbọ́ ọ kí ìka sì máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí páálí. Ẹ wo sùpẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ o, kó wà ní 1x, tọ́wọ́ bá ti ṣèèṣì kàn án tó di 1.5x ìka ò ní lè bá a.

Gbólóhùn kan yìí tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wò ó dáadáa, "ta" wà nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó tún wà nínú "ata". Tí wọ́n bá fojú ara wọn rí ìyẹn, ẹ kọ ta te tẹ ti to tọ tu sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè tò jáde níbẹ̀. Paulo Freire, olùkọ́ àwọn àgbà kan ní Brazil, ṣe irú ẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ bí 300 nílùú Angicos níbẹ̀ lọ́dún 1963, nǹkan bí ogójì wákàtí ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ bíríkì lédè wọn, tijolo, ló fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gé e sí ti, jo, lo. Yorùbá gan-an rọrùn fún un, torí bá a ṣe ń pè é náà la ṣe ń gé e.

Bọ̀dá Peckham: Ṣé ìdánwò ni màmá fẹ́ ṣe? Èmi náà ò kàwé púpọ̀, nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò téórì ti dírẹ́bà ní London níbí, mo ní kí wọ́n fún mi ní ohùn tó ń ka ìbéèrè sétí. Ìbéèrè 50, 43 lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Mo gba 46. Kí màmá béèrè fún irú ẹ̀.

Ọmọ Aláta: Ẹ ṣé bọ̀dá, ẹ kú oríire. Wọn ò ṣèdánwò kankan o, ìwé gbèsè ni. Tíṣà, a bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Wọ́n ka "Mo ń ta ata rodo" ní Mọ́ńdè láìgbọ́ ohùn rárá! Kí n fi òmíì kún un?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta: Ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé orí ló mú un. Ẹ gbé fótò àti fóònù kúrò, ẹ fi síkọ́ọ̀sì gé páálí yẹn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dà á rú, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú "rodo" wá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ètè wọn ń mì, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti "mo ń ta…" kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àkọ́sórí ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kàn ṣì máa da páálí yẹn rú lójoojúmọ́ ni. Ìbéèrè mìíràn: ṣé wọ́n máa ń na ìwé jìnnà sójú?

Ọmọ Aláta: Wọ́n ń nà án o, mo rò pé ìtìjú ni. Èmi ni mo tiẹ̀ máa ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti bí ọdún mẹ́wàá.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta: Ojú nìyẹn! Kò sí ẹni tó lé ní àádọ́ta tí ojú ẹ̀ á ṣì máa ríran nítòsí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé kékeré, òun ló kọ́kọ́ máa ń pòórá lójú wọn, tí wọ́n á wá máa ka "ọtọ" bí "oto", tí tíṣà á ní wọn ò gbọ́. Ẹ mú wọn lọ yẹ ojú wò kí wọ́n gba awò ìkàwé kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo: Mo fẹ́ dá sí ti àmì ohùn. Nínú gbólóhùn yín àmì ẹyọ kan ló wà, orí ń. Ẹ má fi àmì sí nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, á kàn dà wọ́n lójú rú ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ìyá ọkọ mi.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta: Mi ò fara mọ́ ọn, Ìyá Ìbejì. Ìwé gbèsè ni màmá yìí fẹ́ kà, "ọkọ́" àti "ọkọ̀" kì í ṣe gbèsè kan náà. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò gba àmì, ata, ẹja, ẹran, aṣọ, ọmọ, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin mo máa ń fi àmì kan wọlé.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo: Ọmọ ọjà wọn ò ní fi àmì kọ ìwé gbèsè sílẹ̀ fún wọn o. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe máa kà á.

Ọmọ Aláta: Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ń wọ̀ mí létí, mi ò tíì mọ èyí tí màá tẹ̀ lé. A ti gba awò náà ní Tọ́sìdeè. Lálẹ́ àná mo tẹ́ ta te tẹ ti to tọ tu síwájú wọn, wọ́n fìka wọ́ ọ títí, wọ́n mú páálí tí mo kọ "a" sí, wọ́n fi ti "tẹ", wọ́n ní "a… tẹ." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé fótò ọjà yẹn, wọ́n fìka kan àtẹ tí ata wà lórí ẹ̀, wọ́n ní "ṣé èyí tí mo ń patẹ sí nìyẹn?" Mo ní òun ni mọ́mì. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní máákà. Wọn ò tíì sọ pé àwọn máa padà sí kíláàsì, mi ò sì tíì bi wọ́n.