“Gíga ìjókòó” àti “gígùn ẹsẹ̀”: ṣé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ohun tí a ń wọ̀n mu?

Olùtumọ̀ kan béèrè:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí ìdàgbà ọmọdé. Mo kọ “gíga ìjókòó” fún ìwọ̀n tí wọ́n ń mú nígbà tí ọmọ bá jókòó, mo sì kọ “gígùn ẹsẹ̀” fún ohun tó bá ṣẹ́kù nínú gíga rẹ̀. Ṣé mo tọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì kan tó ń wọn àwọn ọmọ iléèwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ka “gíga ìjókòó” yóò kọ́kọ́ rò pé bí àga ṣe ga tó láti ilẹ̀ ni ẹ ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àga yẹn gan-an la máa ń yọ kúrò nínú ìṣirò. Mo wọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 kan láìpẹ́ yìí. Nígbà tó dúró, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 132. Mo wá gbé e jókòó sórí àpótí tó ga ní 40, ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, itan rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ sì ń wo ọ̀kánkán. Pákó tí mo gbé lé e lórí dúró sí 109. Mo yọ 40 kúrò, ó ku 69, ìyẹn ìdá 52 nínú 100 gíga rẹ̀ àti díẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó tẹ ẹ̀yìn, 66 ni mo sì rí. Ká ní mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò di ìdá 50 géérégé, ẹni tó bá sì ka ìwé rẹ̀ yóò rò pé ẹsẹ̀ ọmọ náà gùn ju bó ṣe gùn lọ. “Ìdí dé àtàrí” ni èmi ń pè é.

Télọ̀ kan:
Ẹ má bínú, kí ni ẹ ń wá ọ̀rọ̀ kiri fún? Gígùn ẹsẹ̀ náà ni gígùn ẹsẹ̀. Láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀ ni mo ń na téèpù sí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 13. Sòkòtò tí mo rán fún un nígbà Iléyá ti fò dé ojúgun, ṣùgbọ́n bùbá tí mo rán mọ́ ọn ṣì bá a mu.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn:
Ẹ̀gbọ́n télọ̀, àpèjúwe yín wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, mo sì máa padà sí i. Àmọ́ ìbàdí lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìdí ti kan àpótí. Oríkèé tí egungun itan ti wọnú ìbàdí wà lókè ibẹ̀, nítorí náà apá kan ẹsẹ̀ ti bọ́ sínú ìwọ̀n òkè. Ẹni tí ẹran ìdí rẹ̀ bá pọ̀ tún máa ń ga sókè díẹ̀ lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá dà bí èyí tó kúrú. Èmi yóò kọ “ẹsẹ̀ láti abẹ́ ìdí”, kí òǹkàwé má baà rò pé gbogbo ẹsẹ̀ la wọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè kan:
Mo fara mọ́ ọn. Lára ọmọ tuntun, orí nìkan gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bí orí ère ìbejì ṣe máa ń tóbi, ìdí dé àtàrí sì gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ti ń yára ju ara òkè lọ títí ọmọ fi di àgbà. Ṣé a ò lè pe ìyípadà náà ní “ìlébá ẹsẹ̀”?

Olùkọ́:
Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ìparí rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá tí ìdí dé àtàrí ń gbà nínú gíga ọmọ máa ń já wálẹ̀ kíákíá títí di nǹkan bí ọdún 3, yóò sì máa rọra dín kù títí di nǹkan bí ọdún 12 fún ọmọbìnrin àti 14 fún ọmọkùnrin. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n télọ̀ wà báyìí: nígbà ìbàlágà, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ta sókè. Lẹ́yìn náà, egungun ẹsẹ̀ á dáwọ́ dúró, ti ẹ̀yìn á ṣì máa gùn, ìdá náà á sì tún gòkè díẹ̀. Bùbá yẹn kò ní pẹ́ há a. “Ìlébá ẹsẹ̀” kò lè gba apá ìkẹyìn yìí.

Olùtumọ̀:
Ẹ ṣeun. N óò mú “ìdí dé àtàrí”, pàápàá nítorí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀, tí “ìjókòó” kò bá a mu rárá. N óò mú “ẹsẹ̀ láti abẹ́ ìdí” náà. Orúkọ ìdá yẹn fúnra rẹ̀ ni mi ò tíì rí. “Ìdá ìdí dé àtàrí” ń kọ́ mi láhọ́n.

Nọ́ọ̀sì:
Ó ń kọ́ èmi náà. “Ìdá àjókòó” ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ọmọ ọwọ́ ò tíì mọ ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa.